Òṣé Ọkọ Mi àti Ẹja Inú Ẹnu Mi

Àǹtí mi, nínú àlá, orí òrùlé ni mo ti ń dáná, ebi ń pa mí, ni ọkọ mi bá dé, ó pòṣé. Irú òṣé tí ìyàwó bàbá mi máa ń pa kó tó nà mí ni! Etí mi gbóná, èébú ti dé ètè mi. Mo yáa bu omi sẹ́nu. Ni ẹja bá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹnu mi, ó ń fi ìrù gbá mi léyín. Mo rọra ń fi imú mí títí ẹja fi sùn. Mo tu ú sínú abọ́, mo ní, "Bàbá Dúpẹ́, kí ló dé?"

Ó ní, "Bàtà yìí ló fún mi lẹ́sẹ̀."

Mo bá jí. Mo gbọ́ tó ń pòṣé ní pálọ̀. Omi ni mo kọ́kọ́ wá.