Òkè Ṣáájú, Ìsàlẹ̀ Lẹ́yìn

Inú ń bí mi títí di òní, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé wa nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún, jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò ní fi "wọ́n" pè é nínú ìtàn yìí. Ẹni tó bá wù kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1984 ni. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní Ìjẹmọ, l'Ábẹ́òkúta, ni èmi àti Bùsírátù ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe tíṣà. Àwa méjèèjì kò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ìgbà tí ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ ni wọ́n gbà wá. Nígbà tó wá yá, ìgbìmọ̀ tó ni ilé ìwé ní irú wa ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kí gbogbo wa máa dúró lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ tán, kí wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà a ó ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá gba ìdajì máàkì yóò dúró sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá gbà á, kó máa lọ sílé.

Ilé tí Bùsírátù máa lọ, ìdí ìkòkò aró ni. Àdìrẹ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, òun náà sì ti bá a ṣe é láti kékeré títí tó fi di ìyá ọmọ. Kì í ṣe pé ó ka iṣẹ́ náà sí ẹ̀gbin o. Àyà rẹ̀ ni kò gba èéfín àti òórùn aró mọ́. Bó bá ti dé ìdí ìkòkò báyìí, ikọ́ yóò gbé e lulẹ̀, yóò máa wúkọ́ títí omi yóò fi máa dà lójú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú ni ara rẹ̀ ti balẹ̀. Aró pẹ́ kó tó kúrò ní èékánná rẹ̀, ìgbà tó sì kúrò tán, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi lójú pé, "Péjú, wò ó, ọwọ́ mi ti mọ́." Mo ní kó gbé ọwọ́ jìnnà sí oúnjẹ mi. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n èmi kì í sọ irú ẹ̀ jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Josiah ni wọ́n ní kó kọ́ wa. Onísùúrù èèyàn ni, ojú rẹ̀ kì í le. Á tẹ àyọkà kúkúrú kan láìsí àmì lórí rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ìwé kò ní àmì kankan ju ti òyìnbó lọ, á wá pín in fún wa pé ká fi pẹ́ńsù fi àmì sí i. Ó ṣàlàyé fún wa pé ohùn òkè ní àmì tirẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, ti àárín ni a kì í fi nǹkan kan sí. "Ibi tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìfi nǹkan sí," ó ní, "ẹ ti sọ fún ẹni tó ń kà á pé ohùn àárín ni. Kò sí pé ẹ gbàgbé." Ó kọ́ wa pé "rà" di "ra" bí a bá sọ pé "mo ra aṣọ," ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "mo rà á," àmì rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó kọ́ wa láti má ṣe gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà. Èmi, gbogbo ẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú. Mo ti ń sọ Yorùbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mò ń gòkè, mò ń sọ̀kalẹ̀.

Bùsírátù kò dà bí èmi. Etí rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo wa. Àwa ń mú ọ̀rọ̀ kan, a ó fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, kí a tó kọjá sí èkejì. Òun á kọ́kọ́ rin gbogbo àyọkà náà já, á máa fi àmì abẹ́ lẹ́tà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé. Á padà sókè, á fi gbogbo ohùn òkè sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á wá fi gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ sí i. Mo bi í léèrè pé ta ló kọ́ ọ ní wèrè yìí.

Ó ní, "Bí a ṣe ń ya aṣọ nìyẹn. O kò lè máa ya iṣẹ́ ọnà méjì pọ̀ lójú kan. Ìlà ni wàá kọ́kọ́ fi ìyẹ́ adìẹ fà ká gbogbo aṣọ. Bó o bá ti fà á tán, o mú iṣẹ́ kan, o yà á síbi gbogbo tó yẹ kó wà, kó o tó mú òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀kọ tó o fi ń yà á, tí kì í jẹ́ kí aró mú ibẹ̀, á ki níbì kan, á ṣàn níbòmíràn, aṣọ á sì rí jákujàku. Ìyá mi á gbá ọwọ́ rẹ."

Ọ̀gbẹ́ni Josiah rí i, ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló dára láti máa parí. Ṣùgbọ́n ìwé Bùsírátù ló máa ń mọ́ jù, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ parí. Nígbà tó yá, olùkọ́ náà jọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ní bó bá ti bá a lára mu, kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Alága ìgbìmọ̀, Alhaji Sàlàhúdíìnì tó ń ta aṣọ, fúnra rẹ̀ wá láti gba ìwé wa. Wọ́n pín àyọkà náà fún wa, ó gùn díẹ̀ ju èyí tí a ti ń ṣe lọ. Mo ń làágùn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ ọ́ sábẹ́ ètè mi bí ẹni ń gbàdúrà. Mo wo Bùsírátù, ó ń rìn lórí ìwé rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, n kò rí ìbẹ̀rù kankan lójú rẹ̀.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí wo aago. Ó ní òun ní ẹni tí òun fẹ́ bá ní gáréèjì Láfẹ́nwá kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọláògún, tó máa ń gbé ohùn sókè sí wa láti àárọ̀ dalẹ́, wá di jẹ́jẹ́. Ó ní, "Kò burú, sà, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí." Ó dìde, ó lu aago nígbà tí àkókò kò tíì pé rárá.

Bùsírátù ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà! Ó ku ti ìsàlẹ̀!"

Ọláògún ní ó ku ti ìsàlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó fa ìwé náà gbà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò yé e rárá. Èrò rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ìwé ni Bùsírátù ń wí.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Èmi, díẹ̀ ló kọjá ìdajì tí mo ṣe, ìyókù wà níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe, mo ṣe é pé. Ti Bùsírátù, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀. "Òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀" ti di "Ojo bẹrẹ sí rọ." "Bàbá àgbà" di "Babá agba." Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí kò ní ohùn ìsàlẹ̀ rárá, bí "ó gbé iná lọ́wọ́," nìkan ló yè. Òfin ìdánwò sì ni pé ọ̀rọ̀ tí àmì rẹ̀ kò bá pé kò ní máàkì kankan. Mo yege. Ọ̀rẹ́ mi fìdí rẹmi.

Èmi ni mo máa ń bá Ọláògún to ìwé sínú fáìlì, nítorí náà mo wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ tí Bùsírátù wọlé wá. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ bi mí léèrè èyíkéyìí."

Mo rò pé yóò lé e jáde. Kò lé e. Ó ní kí n yọ ìwé Bùsírátù jáde, ó sún un sí i lórí tábìlì, ó fún un ní pẹ́ńsù. "Ṣe é kí n rí i," ó ní.

Ọkàn mi gbé sókè. Mo ní Ọlọ́run ti dá a lóhùn. Bùsírátù jókòó sétí àga, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé, ó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò padà di òjò. Bàbá àgbà padà di bàbá àgbà. Nígbà tó ṣe tán, Ọláògún ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Josiah. Josiah fi ìka tọ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún padà kà á.

"Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, sà," ó ní. "N kò tíì rí irú èyí rí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ wọn."

"Mo rí i," Ọláògún dáhùn. "Ó mọ̀ ọ́n." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n Alhaji ti mú máàkì lọ fún ìgbìmọ̀, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sí ipò Bùsírátù. N kò lè lọ sọ fún wọn pé mo lu aago ṣáájú àkókò. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni! Josiah ti ń wo ilẹ̀, ó jáde. Ọláògún wá yíjú sí mi, ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó gbé rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ síwájú mi.

"Péjú, bá mi pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i rẹ́. Bó ṣe wà lọ́jọ́ ìdánwò ló gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì. Má pa ti òkè o."

Ó bọ́ síta lọ lu aago fún àwọn ọmọ. Mo wo rọ́bà náà, mo wo Bùsírátù. Èmi náà ní ọmọ nílé, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ni. Mo mú un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé, ṣùgbọ́n ìwé náà ń sá lábẹ́ ọwọ́ mi, ó fẹ́ ya. Bùsírátù dìde kúrò lórí àga, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ìwé náà mú fún mi kó má baà yẹ̀. Mò ń pa á, mò ń sunkún. Òun kò sunkún. Nígbà tí mo rò pé mo ti parí, ó fi ìka kan ibì kan ní ìlà tó kẹ́yìn.

"O fo ọ̀kan," ó ní.