Páálí Mẹ́wàá Tó Ṣẹ́kù

Ọ̀gá Akínrẹ̀mí yínmú sí Rodiat, tó fẹ́ kí ọkọ̀ lọ síbi méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nílé búrẹ́dì wọn l'Óṣìẹ̀lẹ̀.

"Kìlómítà méjìlá ni Ìjẹmọ sí ibí, mọ́kànlá ni Ṣàpọ́n, méjì ni àárín wọn. Tí ọkọ̀ bá gba ibi méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan, ìrìn dín ní mọ́kànlélógún. So wọ́n pọ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, páálí búrẹ́dì ọgọ́ta ni Ìjẹmọ fẹ́, Ṣàpọ́n fẹ́ àádọ́ta, ọgọ́rùn-ún péré lọkọ̀ ń gbà."

"Fún un mọ́ra! Tó bá ṣẹ́kù, gbé báàgì ẹ, máa lọ sílé."

Mẹ́wàá ṣẹ́kù. Ọkọ̀ tún sáré lọ Ṣàpọ́n, ó sì padà.

Rodiat gbé báàgì rẹ̀. "Mẹ́tàdínláàádọ́ta lẹ rìn, ọ̀gá mi onímọ̀. Ká ní a lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ì bá jẹ́."

Alhaja Bàrákátù, tó ni ilé búrẹ́dì, nàka sí Akínrẹ̀mí. "Fún Rodiat ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ẹ."