Ohùn Tó Gòkè

Elétí ni wọ́n ń pè é nílé iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀, torí kò sí ìró tó lè yọ́ kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ yìí le: ìpolówó jíìmù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ti dolóògbé. Ìdí irin tí wọ́n ń gbé nínú jíìmù náà gan-an ló ṣubú sí tí kò dìde mọ́. Láti ìgbà náà làwọn oníbàárà ti ń yẹra fún ibẹ̀ bí ilé tí ejò wọ̀. Bí ìpolówó yìí kò bá pè wọ́n padà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ti ilẹ̀kùn pa.

Orin àkọ́kọ́ ń lọ jẹ́jẹ́, dùùrù nìkan.

"Àǹtí wa," ni opó náà wí, "ṣé ìsìnkú la tún ń ṣe ni?"

Èkejì yára, ó kún fún fèrè àti àtẹ́wọ́.

"Èyí ńkọ́? Wọ́n á ní mò ń jó lórí sàárè ọkọ mi!"

Elétí bá wá ìlù ìsàlẹ̀ tó ń lù kì, kì, bí àyà ẹni tó ń sáré. Ó to ìró irin mọ́ ọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí ìlù. Kí orin tó bú jáde, ó gé gbogbo rẹ̀ kúrò díẹ̀, kí etí ẹni tó ń gbọ́ lè máa retí. Inú àlàfo yẹn ló fi ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí, láti inú fídíò àtijọ́. Bí apá ènìyàn bá ti ń gbọ̀n, tó fẹ́ sọ irin sílẹ̀, ọkùnrin náà á ké pé, "Ó kù!" Kò jẹ́ sọ iye tó kù, ọ̀dájú! Ẹ̀rín pa Elétí, ẹkún sì gbà á.

Ohùn náà kò bá orin mu. Ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fà á wọnú orin, ó sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, orin nìkan ló ń gbọ́.

Ní jíìmù, wọ́n tan án lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá. Opó náà ń nu àwọn àga. Ìlù gòkè, irin dún, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ohùn ọkọ rẹ̀ wá já wálẹ̀ láti òkè:

"Ó kú!"

Orin sì bú jáde tayọ̀tayọ̀.

Elétí sáré pa ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà ti fa ìparí ọ̀rọ̀ náà sókè kó lè bá orin mu. Opó náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àǹtí, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló wá ń túfọ̀ ara rẹ̀ fún mi ni?"

"Ìyàwó wa, má bínú, ẹ̀rọ ló fà á. 'Ó kù' ló sọ. Gbọ́ ọ."

Ó tan ti fídíò fún un. Opó náà mi orí.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kò ní kúrò létí mi mọ́ láé. Ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ dákẹ́."

Elétí yọ ọ́, ó sì fi àlàfo náà sílẹ̀ lófìfo. Ìpolówó náà jáde, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń yin ìdákẹ́ yẹn jù, wọ́n ní òun ló ń gbé àwọn dìde lórí àga nílé.

Àwọn kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Elétí ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà. Á na ọrùn, á di èémí mú, síbẹ̀ kò mọ̀ bóyá ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gòkè ni, tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀.