Ọ̀rọ̀ Àárò tí Mo Túmọ̀ fún Rafiatou

Falta, ọ̀rọ̀ Sípéènì yẹn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá… Mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi jáde ní Savalou, ọ̀nà Bantè nà gbọọrọ níwájú mi, n kò sì lè gùn ún.

Ó ti lé lọ́dún kan tí Rafiatou mú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ wá bá mi. Boukari, tó lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Fernando Póo, erékùṣù àwọn ará Sípéènì. Kò wọ iléèwé Faransé rí. Bàbá ará Kúbà kan ló kọ́ ọ ní ìwé lọ́hùn-ún, èdè Sípéènì nìkan ló lè kọ.

"Ẹ̀gbọ́n Isidore, ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè òyìnbó. Kí ló wí?"

Èmi olùkọ́! Faransé ni mo gbọ́… mo ní wọ́n jọra.

Boukari kọ ọ́ pé: Te extraño. Mo rí étranger ti Faransé nínú rẹ̀. "Ó ní o ti di àjèjì sí òun." Me haces falta. Mo rí faute. "Ó ní o ṣẹ òun." Rafiatou kò sunkún. Ó ká lẹ́tà náà, ó dúpẹ́ — ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Àwọn ẹbí rẹ̀ tú ìgbéyàwó náà ká. Ó fẹ́ ọkùnrin mìíràn, Tairou, ní Bobè. Ó ti lóyún báyìí.

Lẹ́tà mìíràn láti ọ̀dọ̀ Boukari wá dé sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí. Mo gbé e lọ bá fádà ará Sípéènì tó wà ní Savalou, mo sì sọ ohun tí mo ti túmọ̀ tẹ́lẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Extraño lè jẹ́ àjèjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí te bá ṣáájú rẹ̀ báyìí, àárò ni. Bí àwọn ará Kúbà àti Mẹ́síkò ṣe ń wí i nìyẹn. Nílé wa, te echo de menos la máa ń wí. Agbára kan náà ni."

Ó ní echo túmọ̀ sí mo jù. Menos, ó dín… Ká ní ìyẹn ni Boukari kọ, ǹ bá ní ó jù ú nù!

"Me haces falta ńkọ́, fádà?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìyẹn wúwo jù. A lè fi wí pé a nílò iyọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá wí i fún ìyàwó rẹ̀, ó ní òun kò pé láìsí i ni."

Nínú lẹ́tà tuntun yìí, te añoro ló kọ. Fádà ní inú ìwé lèèyàn ti sábà ń rí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ohun tó ti jìnnà réré. Boukari ní òun ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní kí ló dé tí Rafiatou kò fèsì…

Kí ni mo fẹ́ wí fún Boukari? Kí ni mo fẹ́ wí fún aboyún Tairou?

Tu me manques, bí àwọn Faransé ṣe ń wí i. Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ìwọ ṣáájú, èmi tẹ̀ lé e: ìwọ ni kò sí lọ́dọ̀ mi. Me haces falta, bákan náà gẹ́lẹ́! Àwa náà ń wí pé àárò rẹ ń sọ mí… Ó wà lẹ́nu mi láti kékeré.

Àti pé — jẹ́ kí n sọ òótọ́ — mo ṣiyèméjì lọ́jọ́ náà. Ọkàn mi ní kí n dúró ná. Ṣùgbọ́n Rafiatou ń wo ẹnu mi, ojú sì tì mí láti wí fún un pé n kò mọ̀.