Ojú Ni Kí Ẹ Fi Wò Ó

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì gbé báàgì lé itan ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, ó ń bèèrè àfikún owó ìfẹ̀yìntì tí wọn ò tíì san. Akọ̀wé ní Mama ti fẹ̀yìn tì kí ìjọba tó kéde owó oṣù tuntun.

“Ọjọ́ ìkéde kọ́ là ń wò, ọmọ mi. Oṣù kìíní ni wọ́n ní kó ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹta ni mo fẹ̀yìn tì.”

Ó na ẹ̀dà ìwé àṣẹ owó oṣù tuntun náà sí i, pẹ̀lú ti lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, ti ìgbéga tó gbà kẹ́yìn, ti ìwé owó oṣù tó gbà kẹ́yìn, àti àkọsílẹ̀ báńkì.

“Ojúlówó wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká bá yín tọ́jú wọn.”

Mama ṣí báàgì díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun han àlejò. “Ojú ni kí ẹ fi wò ó. Ojúlówó ìwé ọkọ mi wọlé síbí, kò jáde mọ́. Ẹ lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kejì tí mo máa mú lọ, kí ẹ kọ déètì sí i.”

“Ẹ ò fọkàn tán wa ni?”

“Mo fọkàn tán yín. Kọ́bọ́ọ̀dù yín ni mi ò fọkàn tán.”

Akọ̀wé lu òǹtẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Fáìlì ìyá mi náà wà níbí, Mama. A ṣì ń wá a.”