Etí Tó Wà Lábẹ́ Irun

Ó pẹ́ tí Ìyàwó Télọ̀ ti ń fi irun dídì bo etí òsì rẹ̀, nítorí yẹtí ti fà á ya nígbà kan. Lọ́jọ́ tó ní òun fẹ́ gé irun kúkúrú, ẹ̀rù tún bà á pé etí náà máa hàn, ni Àǹtí Onídìrí bá fa fóònù yọ.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó nínú fọ́tò. Irun nìkan la máa pààrọ̀, a ò ní fọwọ́ kan ojú."

Ó ya fọ́tò, ó sì fìka kun gbogbo irun náà lójú fóònù, kí áàpù tó ń yí fọ́tò padà lè mọ ibi tó máa pààrọ̀. Kíá, irun kúkúrú yọ, pẹ̀lú etí méjì tó gún régé.

Inú Ìyàwó Télọ̀ dùn, àmọ́ Àǹtí fajú ro.

"Etí ta nìyí? Irun ló bo etí yín, fóònù ò rí i, ló bá fi tinú ara ẹ̀ mọ etí tuntun! Èmi kì í tan oníbàárà jẹ o."

Ó kó irun náà sẹ́yìn, ó dì í pọ̀ títí etí méjèèjì fi yọ síta, ó tún ya òmíràn, ó sì kun irun láìkan etí. Lọ́tẹ̀ yìí, irun nìkan ló yí padà. Àpá kékeré tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, etí tó ya náà wà níbẹ̀.

Ìyàwó Télọ̀ wò ó títí. Obìnrin inú fọ́tò náà rẹwà, kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

"Àǹtí, ẹ tú u, kẹ́ ẹ gé e. Etí mi ti fẹ́ gba atẹ́gùn."