Ẹ̀sùn Tí A Fi Kan Àtàǹpàkò Ìyá Wa

“Ṣé ẹ rí i pé mo tẹ̀ ẹ́?”

Ìyá wa ló béèrè. Bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n, agbábọ́ọ̀lù mi ń sáré kiri pápá bí ẹni tí oyin ń lé, aṣọ́lé Ìyá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti fò. Ó fò lóòótọ́, ó tiẹ̀ fò dáadáa, àmọ́ bí ẹni tó ru omi dé lẹ́yìn tí ilé ti jó tán ni.

Ìyá wo páàdì géèmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó gbé páàdì lé orí àga, ó sì wọ yàrá ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Ìyá fi nà wá nídìí géèmù bọ́ọ̀lù, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Aránṣọ ni, bó sì ṣe ń ránṣọ náà ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Kì í sáré, kì í pariwo. Yóò dúró jẹ́ẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi fẹ́ kan bọ́ọ̀lù, yóò wá tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ nìyẹn. Èmi ní tèmi, gbogbo bọ́tìnnì ni mo máa ń tẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń pa èèrà.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi, tó ń tún fóònù ṣe, ra tẹlifíṣọ̀n tuntun wálé ni nǹkan yí padà. Tẹlifíṣọ̀n náà fẹ̀ débi pé a sún àga Bàbá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè rí etí rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù. Mẹ́ta sí òdo. Márùn-ún sí òdo. Èmi tí n kò borí rí láyé mi, mo wá di ọ̀gá. Mo fura pé nǹkan kan ń ṣe lọ́nà òdì, àmọ́ ta ló jàre tán tó tún ń bẹ adájọ́ kó tún ẹjọ́ gbọ́?

Nígbà tí Ìyá jáde láti yàrá ìránṣọ, ó ti pinnu.

“Màá ta màṣíìnì ńlá yẹn,” ló wí.

Bàbá gbé ojú kúrò lára ìròyìn. “Màṣíìnì wo?”

“Mélòó la ní? Bí ọwọ́ mi bá ń pẹ́ dé orí bọ́tìnnì, á jẹ́ pé ó ń pẹ́ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà nìyẹn. Màṣíìnì oníná kì í dúró de àgbàlagbà. Kí n má lọ rán ìka ara mi mọ́ ọrùn ẹ̀wù oníbàárà.”

“Màámi, géèmù lásán ni o,” ni mo sọ.

“Lásán? Ìwọ tó ń nà mí yìí, ṣé o mọ bí o ṣe ń gbá a? Bí ìwọ bá lè fún mi ní márùn-ún, èmi ti parí.”

Òótọ́ ló sọ.

Bàbá wa, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí ẹnikẹ́ni má dájọ́ láìṣe ìwádìí. Ó mú rúlà kan wá, ó gbé e dúró lóòró sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ Ìyá láìjẹ́ kó kàn án, ó ní òun máa jù ú sílẹ̀ láìsọ fún un, kó gbá a mú. Ó jù ú sílẹ̀. Bí nọ́ńbà ibi tí èèyàn ti mú un bá ṣe kéré tó ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Ìyá gbá a mú níbi nọ́ńbà kejìlá. Ó tún un ṣe, kejìlá náà ni. Èmi mú un níbi ogún. Ó wá kan Bàbá fúnra rẹ̀. Rúlà náà kọjá láàárín ìka rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló bọ́ sílẹ̀.

“Rúlà yìí ń yọ̀,” ni Bàbá wí.

A pààrọ̀ rúlà. Ìyẹn náà bọ́ sílẹ̀.

Dípò kí ìwádìí yìí wo Ìyá sàn, Bàbá ló ràn. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. “Ẹni tí kò lè mú rúlà,” ló wí, “ṣé bíréèkì ló máa wá mú?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe “Mò ń bọ̀ o!” kó tó yà sí igun ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà kọlu òun. Ìyá ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ àtàǹpàkò ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá na ife omi sí ẹnìkejì, yóò kọ́kọ́ kà á: ení, èjì, ó dọwọ́ ẹ. Àgbàlagbà méjì ti ń kọ̀wé fi ayé sílẹ̀ nítorí rúlà oníke.

Ẹ̀gbọ́n mi ló dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Tuesday, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó wo gbogbo wa, tó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Màámi, ọwọ́ yín kọ́. Tẹlifíṣọ̀n yìí ni.”

“Èyí tó mọ́lẹ̀ kedere báyìí?”

“Kíkedere yẹn gan-an ni wàhálà. Bí ẹ bá ránṣọ tán, ṣé ẹ máa ń gbé e fún oníbàárà bẹ́ẹ̀?”

“Rárá o. Mo máa ń gé òwú tó yọ, mo máa ń lọ̀ ọ́.”

“Ẹ ṣeun. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n yìí ń ṣe nìyẹn. Bí ẹ̀rọ géèmù bá fi àwòrán ránṣẹ́ sí i, kì í fi hàn yín lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń lọ̀ ọ́ ná, ó ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, ó ń dá àwòrán mìíràn kún un kó lè máa yọ́ lọ geere. Bí a bá ń wo sinimá, kò ṣe nǹkan kan, nítorí ó máa ń dá ohùn náà dúró de àwòrán. Ṣùgbọ́n nídìí géèmù, ohun tí ẹ ń rí ti kọjá. Bí ẹ bá ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lára bọ́ọ̀lù, ó ti gbá a.”

Ìyá yíjú sí mi. “Kí ló dé tí kò fi ṣe èyí?”

“Ìyẹn kì í wo àwòrán kó tó tẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì. “Ẹni tó ń fi ojú àti ọwọ́ ṣiṣẹ́ pọ̀ ló ń jẹ níyà.”

Mo gbé oríyìn yẹn mì bí oògùn kíkorò.

Ó ní ètò kan wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà tó ń jẹ́ Géèmù. Bí a bá yí i sí i, yóò pa gbogbo lílọ̀ yẹn tì, yóò máa gbé àwòrán jáde bó ṣe ń wọlé. Ó na ọwọ́ sí rìmóòtù.

“Dúró!” ni Bàbá wí.

Òfin kan wà nílé wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rìmóòtù nígbà tí géèmù bá wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo fà á. Nígbà kan tí Ìyá fẹ́ gbá wọlé mọ́ mi lọ́wọ́, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo ní iná ló lọ. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti fi òfin náà lélẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn. Ó pa ẹ̀rọ géèmù ná, ó wá yí tẹlifíṣọ̀n sí dikódà, níbi tí obìnrin kan ti ń ka ìròyìn, ó ṣí ètò àwòrán níwájú gbogbo wa, ó yan Géèmù, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Gbogbo wa ló rí i. Bàbá pàtẹ́wọ́.

A wá padà sídìí géèmù. Ìyá jókòó, ó mí kanlẹ̀. Mẹ́rin sí òdo ni mo nà án.

Tẹlifíṣọ̀n ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ó ku àtàǹpàkò nìkan.

Ìyá mú fóònù, ó pe alámàṣíìnì, ẹni tó ń ra màṣíìnì àlòkù. “Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé,” ló wí fún un. “Ẹ mú okùn dání.”

Ìgbà tí Sátidé fi máa dé, Bàbá ti rí nǹkan mìíràn fi dààmú ara rẹ̀. Ó ní ara obìnrin tó ń ka ìròyìn kò yá. Ojú rẹ̀ ti ṣá, bó bá sì yí orí, ó ń fò tẹ́-tẹ́-tẹ́. “Ẹ ò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Monday? Wọ́n á ti lò ó lò ó.” Ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ wọn pé kí wọ́n fún un ní ìsinmi. Èmi ni mo bá a wá bírò.

Alámàṣíìnì dé láàárọ̀, ọkùnrin gbẹ̀jẹ̀gbẹ̀jẹ̀ kan tó ń bá màṣíìnì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ màṣíìnì Ìyá wò, ó ní, “Ìwọ yìí, o rọra jẹ ayé.” Ìyá wọ awò tó fi ń ránṣọ, ó mú sukurudiráfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́líìtì rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Bó ṣe tú u tán ni òjò bẹ̀rẹ̀.

“N kò lè gbé e gba inú òjò,” ni alámàṣíìnì wí. Ó wọ pálọ̀ wá, ó rí páàdì méjì lórí tábìlì. “Àh! Ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbí?”

“Wọ́n ń gbá a tẹ́lẹ̀ ni,” ni Ìyá fèsì. Ó ti tẹ̀ lé e jáde, ó dúró lẹ́yìn àga Bàbá pẹ̀lú sukurudiráfà lọ́wọ́. “Ẹ bá wọn gbá. Ẹ ó borí. Gbogbo ayé ló ń borí níbí.”

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi já lu páàdì tuntun bí a ṣe máa ń ṣe, nítorí páàdì kejì ní bọ́tìnnì kan tó ń há. Alámàṣíìnì ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Bàbá ń tọrọ àyè kí ìròyìn parí ná. Mo fi igbápá ti ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ rìmóòtù, ìròyìn lọ, géèmù dé.

“Kí ló kọ síbẹ̀ yẹn?” ni Ìyá béèrè.

“Ibo, Màámi?”

“Lókè níbẹ̀ yẹn, lápá òsì. Ó ti ń lọ o.” Ó fi sukurudiráfà tọ́ka. “Ó ní HDMI 2. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ Sinimá.”

Gbogbo wa wòkè. Ó ti parẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí òfin; mo yí i padà sí ìròyìn: HDMI 1, Géèmù. Mo tún yí i sí géèmù: HDMI 2, Sinimá. Lẹ́tà rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ìgbà tí a bá ti ń jà nítorí páàdì ló máa ń jáde, tó sì máa ń wọlé padà.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ihò kọ̀ọ̀kan tí a ki okùn bọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ló ní ètò tirẹ̀,” ló sọ, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. “Ti dikódà ni mo yí.”

“Ẹ fi ìròyìn sí géèmù,” ni Ìyá wí, ó rọra ń wí i, “ẹ wá fi géèmù sí sinimá.”

Ó na sukurudiráfà sí alámàṣíìnì.

“Ẹ̀yin alámàṣíìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá bẹ́líìtì yẹn padà sáyè rẹ̀. Ìwọ,” ó yíjú sí mi, “gbé páàdì yẹn wá.”